Kí ni wọ́n ń pè ní ubuntu gan-an?

Àwòrán kan wà tó ti ń lọ láti orí Wásáàpù kan sí èkejì láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọdé kan jókòó yí ká, wọ́n na ẹsẹ̀ sáàárín. Ìtàn tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé òyìnbó kan gbé apẹ̀rẹ̀ èso sídìí igi, ó ní kí àwọn ọmọ náà sáré, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ni yóò ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ náà di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ sáré, wọ́n jọ jókòó, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́. Nígbà tó bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n dá a lóhùn pé, "Ubuntu."

Ẹnì kan fi í ránṣẹ́ sójú Wásáàpù ẹbí wa. Àbúrò mi kan tó ti gbé Johannesburg rí kò jẹ́ kó tutù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn tó ní ubuntu yìí náà ló fọ́ ṣọ́ọ̀bù wa ní 2019?" Àǹtí wa kan ní tirẹ̀ ní òun rò pé orúkọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọmọ òun ni ubuntu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ èsì fún wọn, ó gùn títí, mo rí i pé kò ní bá Wásáàpù mu. Òun ni mo kọ síbí yìí.

Kí n ti sọ ọ̀kan kúrò lọ́nà ná. Ìtàn apẹ̀rẹ̀ èso yẹn, bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa, kò lórúkọ òyìnbó náà, kò lórúkọ abúlé, kò sọ ọdún tó ṣẹlẹ̀. Mi ò ní í gbé àlàyé kankan lé e lórí. Bí ó bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ohun tó fi kọ́ni ni pé ubuntu ni kí á pín nǹkan jẹ. Ìyẹn kéré sí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ.

Kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí bí a bá tú u?

Ọ̀rọ̀ àwọn Súlù, Kósà àti Ńdẹ̀bẹ́lẹ̀ ni ubuntu. Gúúsù Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ wọn wà, àwọn kan sì wà ní Sìm̀bábúwè. Nínú èdè wọn, ọ̀rọ̀ orúkọ máa ń ní apá méjì: iwájú àti ìdí. Ìdí ló ń gbé ìtumọ̀ dání, iwájú ló ń sọ irú ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí tí a fẹ́ mú báyìí ni -ntu, èyí tó jẹ mọ́ ènìyàn. Fi umu- síwájú rẹ̀, ó di umuntu, ènìyàn kan. Fi aba- síwájú rẹ̀, ó di abantu, àwọn ènìyàn. Fi ubu- síwájú rẹ̀, ó di ubuntu.

Ubu- yìí ni ká tẹjú mọ́. Ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn ni ó máa ń sọ, ipò tàbí ìwà tí nǹkan kan fi jẹ́ ohun tó jẹ́. Ọ̀rẹ́ ni umngane lédè Súlù; ubungane ni ìbádọ́rẹ̀ẹ́. Ọba ni inkosi. Ubukhosi ni ipò ọba. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ túmọ̀ ubuntu láìfi iyọ̀ sí i, jíjẹ́ ènìyàn ni. Kò sí "ìfẹ́" nínú rẹ̀, kò sí "pínpín," kò sí "ìṣọ̀kan." Àwọn nǹkan wọ̀nyí lè jáde láti inú rẹ̀ bí omi ṣe ń jáde láti inú ìsun, àmọ́ àwọn kọ́ ni ìsun náà.

Àwọn Súlù àti Kósà nìkan kọ́ ló ní in. Àwọn Sótò àti Súwánà ń pe ènìyàn ní motho, wọ́n sì ń pe jíjẹ́ ènìyàn ní botho. Àwọn Ṣónà ní munhu àti hunhu. Àwọn tó ń sọ Súwàhílì ní mtu àti utu. Ìdí kan náà ni, bí ẹnu ṣe ń pè é ló yàtọ̀. Bí àwọn èdè wọ̀nyí ṣe jọra báyìí ni Wilhelm Bleek, ará Jámánì kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè, rí ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún ó lé sẹ́yìn tó fi sọ gbogbo wọn lórúkọ kan: Bantu. "Àwọn ènìyàn" náà ni. Ẹ má ṣe dé Gúúsù Áfíríkà kí ẹ máa pe ẹnikẹ́ni ní Bantu o. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà mú orúkọ yẹn, wọ́n fi ń pe àwọn aláwọ̀ dúdú láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n tilẹ̀ ṣòfin Ẹ̀kọ́ Bantu ní 1953 kí ọmọ aláwọ̀ dúdú má bàa kẹ́kọ̀ọ́ tó ti òyìnbó. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ènìyàn ni wọ́n sọ di èébú. Lónìí, ọ̀rọ̀ èdè ni a lè fi í sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn.

Ohun kan tún máa ń da àwọn tó bá rìnrìn àjò lójú rú. Ní Rùwáńdà, ubuntu wà lẹ́nu wọn, àmọ́ ọ̀làwọ́ ni wọ́n fi ń sọ. Bí wọ́n bá ní wọ́n fún ọ ní nǹkan ku buntu, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ohun tí àwọn Súlù ń sọ, ubumuntu ni wọ́n máa ń lò.

Ṣé àwa náà ní irú ọ̀rọ̀ yìí?

Yorùbá kò sí lára àwọn èdè Bantu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé èdè ńlá kan náà ni a ti wá, bí ọmọ ìyá tó ti pínyà láti ayébáyé. Nígbà tí wọ́n bá ń túmọ̀ ubuntu fún Yorùbá, ọmọlúàbí ni wọ́n sábà máa ń mú wá. Kò burú, àmọ́ mo rò pé ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́ tó sún mọ́ ọn jù. Bí o bá dé ilé ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́ rí, tó fún ọ lómi, tó wá ibi tí wàá sùn sí, tó tún sìn ọ́ dé ojú títì lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí lo máa sọ nípa rẹ̀ bí o bá délé? Wàá ní, "Bàbá yẹn ṣèèyàn gan-an." Ṣe èèyàn. Ọ̀rọ̀ ìṣe la fi sọ ọ́, bí ìgbà tí jíjẹ́ ènìyàn jẹ́ iṣẹ́ tí a ń ṣe. Ẹni tó sì lé àlejò sí òjò, a óò ní kò ṣèèyàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú méjì ló ní, ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn Súlù ń lo tiwọn. Wọ́n ń sọ nípa ènìyàn rere pé unobuntu, ó ní ubuntu. Wọ́n ń sọ nípa ẹni tí kò ṣèèyàn pé akanabuntu, kò ní ubuntu. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà sí i. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá bí ọ ní umuntu, ìyẹn kò tíì sọ pé o ní ubuntu. O lè ní in, ó lè tán lọ́wọ́ rẹ, o sì lè tún un ní.

"Umuntu ngumuntu ngabantu": kí ló ń sọ?

Òwe yìí ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ ubuntu. Ẹ jẹ́ ká tú òun náà. Umuntu ni ènìyàn. Ngumuntu ni "jẹ́ ènìyàn." Ngabantu ni "nípasẹ̀ àwọn ènìyàn." Ènìyàn jẹ́ ènìyàn nípasẹ̀ àwọn ènìyàn. Àwọn Sótò ń sọ ọ́ báyìí: motho ke motho ka batho.

Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń sọ pé kò sí ẹni tó lè dá gbé, pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òótọ́ ni ìyẹn, àmọ́ òwe náà lọ jìn sí i. Ẹ wò ó pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni -ntu jáde nínú rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ń yí. Umuntu àkọ́kọ́ ni ẹni tí wọ́n bí, tó ní ara, tó ń mí. Èkejì ni ẹni tó ti di ènìyàn ní ti ìwà. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó yí i ká, tí ó gba ọwọ́ wọn kọjá kó tó di èkejì yẹn. Ìyẹn ni pé bí mo bá ṣe bá ọ lò ni mo ṣe ń di ènìyàn tàbí ni mo ṣe ń sọ ọ́ nù. Bí mo bá tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀, mo ti já okùn tí mo fi so mọ́ jíjẹ́ ènìyàn tèmi.

Ó hàn nínú bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn pẹ̀lú. Bí Súlù kan bá pàdé rẹ, yóò ní, "Sawubona." Ohun tó sọ ni pé, "A rí ọ." "A" ló sọ, kò sọ "mo," bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló dúró níwájú rẹ.

Gbólóhùn mìíràn tún wà tí wọ́n máa ń kọ sára aṣọ àti ife: "Mo wà nítorí pé a wà." Wọ́n á ní ìtumọ̀ ubuntu nìyẹn. John Mbiti, àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé ọmọ Kẹ́ńyà, ló kọ irú rẹ̀ ní 1969 nígbà tó ń ṣàlàyé bí ọmọ Áfíríkà ṣe ń rí ara rẹ̀ láàárín ẹbí. Gbólóhùn tó dára ni. Àmọ́ kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, òwe Súlù kò sì sọ ohun kan náà. Mbiti ń sọ nípa wíwà. Òwe Súlù ń sọ nípa ìwà.

Nígbà wo ló di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu. Christian Gade, tó tú àwọn ìwé àtijọ́ yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀, rí i nínú ìwé láti 1846. Ohun tó yani lẹ́nu nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé fún ọdún tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, ìwà rere ènìyàn lásán ni àwọn ìwé ń fi ubuntu sọ. Ìgbà tí ọdún 1990 sí 2000 wọlé ni àwọn òǹkọ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ sí so ó pọ̀ mọ́ òwe tí mo tú lókè yìí. Àwọn méjèèjì ti wà tipẹ́, a kàn wá fẹ́ wọn fún ara wọn ni.

Ìyípadà ìjọba ló fa ìgbéyàwó náà. Ní Sìm̀bábúwè, kété tí wọ́n gba òmìnira ní 1980, àwọn kan ti ń kọ̀wé pé hunhu ni kí wọ́n fi tún orílẹ̀-èdè wọn ṣe. Nígbà tó di 1993 tí àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà jókòó láti kọ ìwé òfin tí yóò gbé wọn kúrò lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n fi gbólóhùn kan sí ìparí rẹ̀: wọ́n ní ìlú nílò òye, kì í ṣe ẹ̀san, ó nílò àtúnṣe, kì í ṣe ìgbẹ̀san, ó nílò ubuntu, kì í ṣe kí á máa fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Wọn kò túmọ̀ rẹ̀. Inú ìwé òfin gan-an ni wọ́n fi í sí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èdè wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu wá mú un rin gbogbo ayé.

Ti kọ̀ǹpútà tí àǹtí wa bèèrè, òótọ́ ni. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló fi orúkọ náà sọ ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, tó jáde ní oṣù Ọ̀wàrà 2004. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbé e fún gbogbo ènìyàn, ẹnikẹ́ni tó bá sì mọ̀ ọ́n ṣe lè bá wọn tún un ṣe. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti bá a mu.

Kí ni ubuntu ń ṣe nílé-ẹjọ́?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣíwọ́ jíjẹ́ ọ̀rọ̀ dídùn lásán. Àwọn ọkùnrin méjì kan jẹ̀bi ẹ̀sùn ìpànìyàn mẹ́rin àti ìdigunjalè, ilé-ẹjọ́ sì ní kí wọ́n lọ pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn dé Ilé-Ẹjọ́ Òfin Orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Orúkọ ọ̀kan nínú wọn, Makwanyane, ni wọ́n fi ń pe ẹjọ́ náà títí dòní. Ìbéèrè tó wà níwájú àwọn adájọ́ 11 náà ni pé ṣé ìwé òfin tuntun gbà kí ìjọba máa pa ẹni tó bá pànìyàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Òkudù 1995, gbogbo wọn fẹnu kò pé kò gbà bẹ́ẹ̀.

Kí n má ṣe bu iyọ̀ sí i: ubuntu nìkan kọ́ ló dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí Arthur Chaskalson, olórí wọn, gbé lé jù ni pé ìwé òfin lòdì sí ìyà tó rorò tó sì tàbùkù ènìyàn. Àmọ́ lára àwọn adájọ́ yòókù mú ubuntu wá. Yvonne Mokgoro mẹ́nu ba òwe umuntu ngumuntu ngabantu, ó ní ó kó àánú, ọ̀wọ̀, iyì ènìyàn àti ìfarakínra mọ́ra. Pius Langa wá sọ èyí tí mo kà tí mo tún kà: pé nínú àṣà yìí, ẹ̀mí ẹlòmíràn níye lórí, ó kéré tán, bí ẹ̀mí tìrẹ.

Ẹ jẹ́ ká bá ìrònú wọn lọ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni òye wà. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé apànìyàn kò ní ubuntu, kí ni à ń fi ubuntu bò ó mọ́lẹ̀ fún? Èsì àwọn adájọ́ náà ni pé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ níyà ni ká wò. Bí ubuntu bá jẹ́ ẹ̀bùn tí a ń fún ẹni rere, apànìyàn kò tọ́ sí i. Àmọ́ bó bá jẹ́ ipò tí èmi fúnra mi ń dúró nínú rẹ̀ nípa bí mo ṣe ń bá ẹlòmíràn lò, ìjọba tó so okùn mọ́ ọrùn ẹni tí wọ́n ti dè lọ́wọ́ dè lẹ́sẹ̀ ń ná ubuntu ti gbogbo ìlú. Tholie Madala, òun náà adájọ́, fi kún un pé ó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ ní àyè láti yí padà, ohun tí ikú kì í gbà láyè. Wọn kò ní kí wọ́n tú àwọn ọkùnrin náà sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n wà, ó sì le.

Ìwé òfin tí wọ́n wá kọ ní 1996, èyí tí wọ́n ń lò dòní, kò ní ọ̀rọ̀ ubuntu nínú mọ́. Síbẹ̀ àwọn adájọ́ kò jẹ́ kó lọ. Wọ́n ti lò ó nínú ẹjọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ lé kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n pàgọ́ sí, wọ́n ti lò ó nínú ẹjọ́ ẹni tó ba ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́, níbi tí wọ́n ti bèèrè pé ṣé owó ìtanràn ló ń tún orúkọ ṣe ni àbí ẹ̀bẹ̀ àtọkànwá.

Báwo ló ṣe rí lára ẹni tí wọ́n pa lọ́mọ?

Ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà 1986, àwọn ọlọ́pàá lúgọ de àwọn ọ̀dọ́kùnrin méje ní Gugulethu, lẹ́yìn Cape Town, wọ́n sì yìnbọn pa gbogbo wọn. Christopher Piet wà lára wọn. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà, èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti wádìí ìwà ìkà ìgbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, tí Tutu sì jẹ́ alága rẹ̀, tú ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó hàn pé àwọn aṣojú ọlọ́pàá ti wọ àárín àwọn ọmọ náà, wọ́n ṣe bí ọ̀rẹ́, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìbọn, kí wọ́n tó fà wọ́n síbi tí wọ́n lúgọ sí. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn ni ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é, Thapelo Mbelo.

Mbelo ní òun fẹ́ rí àwọn ìyá wọn. Wọ́n kó wọn pọ̀ sínú yàrá kan. Ó jókòó, kò lè gbójú sókè. Ó ní kí wọ́n dárí ji òun. Àwọn ìyá náà kò fi ọ̀rọ̀ tútù pàdé rẹ̀. Wọ́n bi í bó ṣe rí lára rẹ̀ láti ta ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Cynthia Ngewu, ìyá Christopher, ló wá bèèrè nípa orúkọ rẹ̀. Àdúrà ni Thapelo túmọ̀ sí lédè Sótò. Ó bi í pé ṣé ìtumọ̀ rẹ̀ kọ́ nìyẹn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá náà ní ọjọ́ orí Christopher kò jìnnà sí tirẹ̀. Ó pè é ní ọmọ òun, ó sì dárí jì í.

Àwa tí a mọ̀ pé orúkọ ń ro ọmọ mọ̀ ohun tí ìyá yẹn ṣe níbẹ̀. Ó lọ wá ènìyàn tí wọ́n sọ lórúkọ yẹn, ó pè é jáde.

Nígbà tí wọ́n bi í lọ́tọ̀ nípa ìlàjà tí wọ́n ń pariwo, ohun tó sọ ni mo mọ̀ tó ṣàlàyé ubuntu jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà. Ó ní bí ohun tí wọ́n ń pè ní ìlàjà bá túmọ̀ sí pé ọkùnrin tó pa Christopher yóò tún di ènìyàn, kí òun náà, kí gbogbo wọn, lè rí jíjẹ́ ènìyàn tiwọn gbà padà, òun fara mọ́ ọn. Ẹ kà á dáadáa. Kò ní òun dárí jì í torí pé ẹ̀ṣẹ̀ náà kéré. Ó ní jíjẹ́ ènìyàn tòun há sí ọwọ́ apànìyàn náà, kò sì sí bí òun ṣe lè gbà á padà bí òun kò bá jẹ́ kí ọkùnrin náà gba tirẹ̀.

Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé kí á gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Rárá, ibí yìí sì ni wọ́n ti ṣi ọ̀rọ̀ náà lò jù. Ìgbìmọ̀ yẹn kò dárí ji gbogbo ẹni tó wá. Ẹni tó bá fẹ́ ìdáríjì lábẹ́ òfin ní láti jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe ní gbangba, kó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ló fà á. Àwọn 7,112 ló bèèrè, 849 péré ni wọ́n fún.

Kì í ṣe gbogbo ẹbí ló sì gbà. Ẹbí Steve Biko àti ti Griffiths Mxenge, àwọn ajàjàgbara méjì tí wọ́n pa lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, lọ sílé-ẹjọ́ pé kí wọ́n má gba àwọn lọ́wọ́ ẹ̀tọ́ àtipe apànìyàn lẹ́jọ́. Wọ́n pàdánù ní 1996. Ara gbólóhùn ìparí ìwé òfin yẹn gan-an, èyí tí ubuntu wà nínú rẹ̀, ni ilé-ẹjọ́ fi tì wọ́n. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á. Ìyá Christopher fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ni. Àwọn wọ̀nyí, ìjọba ló bá wọn fún un. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Àtúnṣe tí gbólóhùn kan náà ṣèlérí pẹ̀lú kò tètè dé. Ọdún 2003 ni ìjọba tó kéde 30,000 ráńdì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ìgbìmọ̀ náà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ pé kó ṣe ubuntu, tí wọn kò sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ pé kó dá nǹkan padà, apá kan òwe náà ni wọ́n mú, wọ́n ju ìyókù nù.

Àwọn tó fọ́ ṣọ́ọ̀bù àjèjì wá ńkọ́?

Mo ti padà dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Ní oṣù Èbìbí 2008, wọ́n dìde sí àwọn àjèjì ní Gúúsù Áfíríkà, ó ju 60 ènìyàn lọ tó kú. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà gan-an. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2019, ó tún ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ òfurufú Air Peace sì lọ kó àwọn ọmọ Nàìjíríà bọ̀ wálé. Kò sí àlàyé èdè tó lè pa ọgbẹ́ ẹni tó wà níbẹ̀ rẹ́, mi ò sì ní gbìyànjú ẹ̀.

Ohun tí mo lè sọ ni ibi tí òwe náà ti ní àlàfo. "Nípasẹ̀ àwọn ènìyàn" ló wí. Ta ni àwọn ènìyàn náà? Ní abúlé tí gbogbo ilé ti mọ ara wọn, kò ṣòro láti dáhùn. Ní ìlú ńlá tí iṣẹ́ ti wọ́n, tí ọlọ́jà kan ń rí àlejò gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba oúnjẹ lẹ́nu òun, ó rọrùn kí ẹnì kan fa ààlà sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kó ní ibẹ̀ ni abantu parí sí. Òwe náà fúnra rẹ̀ kò fa ààlà náà, àmọ́ kò sì ní ọlọ́pàá tí yóò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti fà á. Adájọ́ Langa ti rí i tipẹ́. Nínú ẹjọ́ 1995 yẹn, ó ní ìgbà tí ìwà ipá bá gbòde kan ni àwọn ènìyàn máa ń ké pé ubuntu ti sọnù.

Mo fi ìyẹn ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Kò dáhùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó wá ní òun rántí nǹkan kan. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn, ìyá Súlù kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lódìkejì títì jáde, ó gbé ọwọ́ lórí, ó ń pariwo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà. Ó ní òun rò pé ó ń ṣẹ́ wọn ní èpè ni, òun kò sì bi ẹnikẹ́ni rí. Ó tẹ̀ ẹ́ bí ó ṣe gbọ́ ọ: *aninabuntu*. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí 'buntu' nínú rẹ̀. Kí ni 'anina'?"

Mo ní "ani-" ni "ẹ kò," "-na-" ni "ní."